Kí A Tó Gbé Fídíò Ọmọ Ọlọ́mọ Lé Ẹlòmíràn Lọ́wọ́



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi fóònù ya àwọn ọmọ ilé-kéwú, ó sì kan oníṣòwò tó ń ya oníbàárà rẹ̀. Bí a bá ya fídíò wòlímọ̀ tán, a máa ń fẹ́ gé e kúrú, kí a kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a sì yọ ariwo kúrò nínú ohùn rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ń ṣe èyí pọ̀ lórí ayélujára, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú wọn. A ó tẹ ibi tí wọ́n kọ `Upload` sí, a ó dúró díẹ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnìkan bá bi wá léèrè, a ó ní, "Mi ò tíì gbé e síta o, mo kàn ń tún un ṣe ni."

Àmọ́ ó ti jáde. Fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ yín nìkan mọ́. Ẹ̀dà rẹ̀ lódindi ti wà nínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ náà, ó sì ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà ọ̀hún wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Yálà ẹ padà fi í han aráyé tàbí ẹ kò fi hàn, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, ìgbà tó yẹ kí a bèèrè ìyọ̀nda ni ìgbà tí a kò tíì tẹ `Upload`. Bí a bá dúró di ìgbà tí a fẹ́ fi fídíò náà síta, ó ti pẹ́.

Èmi ni mo máa ń bójú tó fídíò fún ilé-kéwú kan nílùú Ìbàdàn. Nígbà wòlímọ̀ tó kọjá, ọmọ mẹ́tàlélógún ló kéwú, fídíò náà sì jẹ́ ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Ààfáà àgbà fẹ́ kí n kọ ìtumọ̀ wáàsí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn bàbá àti ìyá àgbà tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa mọ́. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìyá ọmọ kan wá bá mi. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, mi ò ní kí ọmọ mi má kéwú o. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo sá fún kò gbọdọ̀ mọ àdúgbò tí a wà." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin rẹ̀. Ìyà ni ìyá náà ń jẹ nílé ọkọ tó fi kó kúrò ní ìlú tí wọ́n ń gbé.

Mo jókòó ti fídíò náà, mo sì ń wo ohun tó lè sọ fún ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ojú ọmọ nìkan kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Pátákó ilé-kéwú wà lẹ́yìn wọn, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀. Olùkọ́ ń pe ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ kí ó tó kéwú. Bí mo bá tilẹ̀ gé ibi tí ọmọbìnrin yìí ti kéwú kúrò, ó tún hàn lẹ́yìn ọmọ mìíràn ní ìṣẹ́jú kọkànlá. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọmọ kan kúrò nínú fídíò gbọ́dọ̀ wo gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ó tún dijú kí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí orúkọ tí a pè lè wà níbi tí ojú kò sí.

Ohun kan tún wà tí ojú kì í rí. Bí fóònù bá ní àṣẹ láti mọ ibi tí a wà, ó máa ń kọ ibẹ̀ sínú fídíò fúnra rẹ̀. Ẹ ṣí fídíò náà níbi tí fóònù ń kó àwòrán sí, kí ẹ wo kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ ó fi ìka fà á sókè ni. Bí àwòrán ilẹ̀ bá yọ, tó fi òpópónà hàn, ibẹ̀ ni fídíò náà ń gbé kiri. Tiwa fi òpópónà ilé-kéwú hàn. Ẹ lè pa èyí ní ibi ètò kámẹ́rà: ẹ wá `Location tags` tàbí `Save location`. Lórí fóònù áífóònù, ẹ wọ `Settings`, `Privacy & Security`, `Location Services`, `Camera`, kí ẹ yan `Never`. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan fídíò tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní ètò `ffmpeg` lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ṣe ẹ̀dà tuntun tí kò gbé e dání:

```
ffmpeg -i wolimo.mp4 -map_metadata -1 -c copy wolimo2.mp4
```

Lẹ́yìn náà, kí ó tún ṣí ẹ̀dà tuntun náà, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwòrán ilẹ̀ ti lọ lóòótọ́.

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi fídíò náà sínú irinṣẹ́ orí ayélujára tó ń bo ojú ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Kí irinṣẹ́ náà tó lè bo ojú ọmọ, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ojú ọmọ náà ránṣẹ́ sí i láìbò. Ẹ̀dà tí a bò ni àwa yóò gbà padà. Èyí tí a kò bò ti dọ́dọ̀ wọn. Ibi tí fídíò wà ni kí a ti bò ó tàbí kí a ti gé e, kí ó tó lọ sí ibikíbi.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá áàpù kan ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù wa tàbí ó ń fi fídíò ránṣẹ́ síta? Ẹ tan `Airplane mode`, kí Wáífáì náà wà ní pípa, kí ẹ wá gbìyànjú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Bí ó bá gé fídíò, tó sì fi í pamọ́ láìsí dátà, inú fóònù ni iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Bí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ wá dátà, ó ṣeé ṣe kí ó fẹ́ gbé e jáde. Ẹ dán iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí áàpù kan náà lè gé fídíò nínú fóònù, kí ó sì jẹ́ pé kíkọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ ni yóò gbé lọ síta. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìdánwò yìí kò sọ ohun tí áàpù náà yóò ṣe nígbà tí dátà bá padà dé, nítorí náà ẹ pa fífi ẹ̀dà pamọ́ sórí ayélujára fúnra rẹ̀ bí ó bá wà níbi ètò rẹ̀.

Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju irinṣẹ́ orí ayélujára lọ, ẹ ka àdéhùn rẹ̀ kí ẹ tó tẹ nǹkan kan. Ó gùn, ṣùgbọ́n ẹ lè wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni `license`: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ àṣẹ tí ẹ fún wọn lórí fídíò yín. Kí wọ́n gba àṣẹ láti ṣiṣẹ́ tí ẹ ní kí wọ́n ṣe kò burú. Ẹ bẹ̀rù rẹ̀ bí wọ́n bá fi kún un pé àwọn lè lò ó fún ìpolówó, tàbí pé àṣẹ náà kò ní dópin. Èkejì ni `train`: ó ń sọ bóyá wọn yóò fi ojú àti ohùn tó wà nínú rẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ wọn, àti bóyá ẹ lè kọ̀. Ẹ̀kẹta ni `delete`: ẹ wo iye ọjọ́ tí ẹ̀dà yóò fi wà lọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn tí ẹ bá pa á rẹ́. Bí àdéhùn kan kò bá sọ ohunkóhun nípa pípa rẹ́, mi ò ní fi ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀.

Òfin orílẹ̀-èdè wa náà ní ohun tó sọ. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2023 ní kí a gba ìyọ̀nda òbí tàbí alágbàtọ́ níbi tí a bá ti fẹ́ fi ìyọ̀nda lo ìsọfúnni ọmọdé. Ó tún sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe ìyọ̀nda, àti pé ẹni tó yọ̀ǹda lè gbà á padà. Bàbá tó ń ya ọmọ rẹ̀ nínú ilé fún ara rẹ̀ kò sí lábẹ́ ẹrù yìí bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí èyí rọrùn fún àwa tí Suuratu Nuuru ti kọ́ ní títọrọ ìyọ̀nda kí a tó wọ ilé onílé.

Nítorí náà mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sórí ìwé fún òbí kọ̀ọ̀kan, mo sì pín wọn sọ́tọ̀ kí "bẹ́ẹ̀ ni" kan má baà bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ṣé a lè ya ọmọ yín? Ta ni kí ó rí i: àwọn òbí nìkan, tàbí gbogbo ayé? Ṣé a lè fi fídíò rẹ̀ sínú irinṣẹ́ orí ayélujára, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ báyìí? Òbí mọ́kàndínlógún gba gbogbo rẹ̀, mẹ́ta ní kí ó mọ sáàárín àwọn òbí, ìyá ọmọbìnrin wa sì kọ̀. Mo fi áàpù tó yege nínú ìdánwò gé ọmọ rẹ̀ kúrò ní ibi méjèèjì, mo pa ohùn níbi tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀, mo sì gé etí fídíò kí pátákó lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ wáàsí, ọwọ́ ni mo fi tẹ̀ ẹ́, alẹ́ méjì ló gbà mí. Ẹ̀dà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí kò ní ọmọ náà nínú rárá.

Ẹ̀yin aránṣọ àti ẹ̀yin tó ń ta híjáàbù, ọ̀rọ̀ yín kò jìnnà sí èyí. Oníbàárà tó gbà kí ẹ ya aṣọ tuntun lára òun lè má mọ̀ pé ẹ ó fi ojú òun sínú irinṣẹ́ kan. Ẹ wo dígí tó wà lẹ́yìn rẹ̀: obìnrin mìíràn lè wà nínú rẹ̀ tó ṣí híjáàbù rẹ̀ láti wọ aṣọ wò. Ẹ wo ìwé ìwọ̀n tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó yọ̀ǹda fún ara rẹ̀ kò yọ̀ǹda fún àwọn yẹn.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ má gbàgbé ibi tí ẹ̀dà ṣẹ́kù sí. Bí ẹ bá fi í sórí Yútúùbù, `Unlisted` kò túmọ̀ sí àṣírí: ẹnikẹ́ni tí líǹkì náà bá tẹ̀ lọ́wọ́ lè wò ó, ó sì lè fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. `Private` ni ẹ fi ń yan ẹni tí yóò wò ó. Nínú irinṣẹ́ tí ẹ lò, ẹ pa iṣẹ́ tí ẹ ṣe rẹ́, kí ẹ tún wọ ibi tí wọ́n kó fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi ìdalẹ̀nù wọn di òfìfo. Ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì tó ń pa ẹ̀dà tó ti dé inú fóònù ẹlòmíràn rẹ́.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tó ń ṣọ́ àmánà.