Lẹ́tà Kékeré Tí Nọ́ọ̀sì Wa Fi Kúrò Ní Wọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lẹ́ẹ̀kan yìí kò jẹ mọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ọpọ́n, ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ń ṣiṣẹ́ oṣù báyìí, ọjọ́ kan sì ń bọ̀ tí wọn yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe lè kọ ìwé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé nínú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti lo ọdún mẹ́fà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní ilé ìwòsàn aládàáni kan. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kò ní dìgírì. Lọ́dún náà ni yunifásítì gbà á wọlé láti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nítorí pé ó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ọdún kejì ni wọ́n mú un sí, tó fi jẹ́ pé nínú ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún, mẹ́rin péré ló máa ṣe. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni kíláàsì wọn, iṣẹ́ wọ́ọ̀dù náà sì ń yí ká, òní àárọ̀, ọ̀la ọ̀sán, ọ̀túnla òru. Kò sí bí ènìyàn kan ṣe lè dúró níbi méjèèjì.

Mo kọ́kọ́ bi í bóyá ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìsinmi ẹ̀kọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè béèrè fún un, kí iṣẹ́ rẹ̀ máa dúró dè é. Ó ní òun ti béèrè, wọ́n ní àwọn kò ní irú ẹ̀. Fífi iṣẹ́ sílẹ̀ ló kù nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbé lẹ́tà tó kọ wá fún mi pé kí n bá òun wò ó. Ojú ìwé mẹ́ta gbáko! Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn òru tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń tọ́jú aláìsàn méjìlélógún. Ó sọ̀rọ̀ nípa owó iṣẹ́ òru oṣù méjì tí wọn kò tíì san. Ó sọ̀rọ̀ nípa dókítà kan tó jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn aláìsàn. Mo ka gbogbo rẹ̀ tán, mo ń wá ibi tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹta ni mo ti rí i, ohun tó sì kọ síbẹ̀ ni pé: “Mo ń rò ó láti kúrò láìpẹ́.”

Mo ní, “Ọmọ mi, èyí kì í ṣe lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ẹni tó ń rò ó kò tíì lọ. Ọjọ́ wo lo ń lọ?” Kò sí ọjọ́ kankan nínú ìwé náà.

Kí n tó máa bá a wí, ojú ara mi kọ́kọ́ tì mí. Lẹ́yìn tí mo jáde sẹ́kẹ́ndìrì, mo ṣe akọ̀wé ní ilé ìtọ́jú kòkó kan. Ọ̀gá mi fi ọ̀rọ̀ gún mi lára ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì jókòó kọ lẹ́tà èébú, mo jù ú sórí tábìlì rẹ̀, mo bá ọ̀nà lọ. Ó dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ yẹn. Ní bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ibi iṣẹ́ mìíràn ní kí n mú ìwé ẹ̀rí ìwà wá láti ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá yẹn ti kúrò níbẹ̀. Akọ̀wé tuntun tí kò mọ̀ mí rí ló fa fáìlì mi jáde, lẹ́tà mi ló wà lókè. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà, ó ní kí n máa lọ. Inú bíbí kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Mo ti mọ òwe yẹn tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà nìyẹn: inú fáìlì ni lẹ́tà yìí ń lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ lè má kà á láéláé. Ẹni tó máa kà á ni ẹni tí wọ́n bá bi ní ọdún márùn-ún sí i pé, irú ènìyàn wo lọmọ yìí?

Lẹ́yìn náà, a mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan bíírò. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní oṣù kan ṣáájú, tàbí kí ó san owó oṣù kan dípò. Àwọn kan máa ń sọ pé òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ṣètò iye ọjọ́. Òótọ́ ni, ẹni tó bá ti ṣe ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yẹn ṣe fún. Iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú ni ti nọ́ọ̀sì, nítorí náà ohun tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dì mú.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ padà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá ni yunifásítì fẹ́ kí ó wá forúkọ sílẹ̀. Ó ti san owó tí wọ́n fi ń gba àyè, ìwé ìgbàwọlé sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní kò tíì rí ìwé náà gbà ni, ǹ bá ní kí ó má kọ lẹ́tà kankan. Bí ó bá fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ, oṣù kan yóò pé ní ìparí oṣù kẹsàn-án, kò sì ní jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ pé “láti òní lọ” bí inú ṣe ń bí i lọ́jọ́ náà, owó oṣù kan ti lọ nìyẹn, ó sì ń wá owó ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ wo lẹ́tà tó wá kọ. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, èmi ni mo tú u:

“30 Oṣù Kẹjọ, 2024. Sí Olùdarí Ìṣègùn, nípasẹ̀ Mátírọ́ọ̀nù.

“Ìfiṣẹ́sílẹ̀.

“Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi tó yín létí pé mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Oṣù kan tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi béèrè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ọjọ́ iṣẹ́ mi tó kẹ́yìn ni 30 Oṣù Kẹsàn-án, 2024. Mo ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì.

“Mo dúpẹ́ fún ọdún mẹ́fà tí mo lò níbí, pàápàá fún àwọn àgbà nọ́ọ̀sì tí ẹ fi mí sí abẹ́ wọn ní ọdún àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí ọjọ́ náà tó pé, n óò fa iṣẹ́ lé ẹni tí ẹ bá yàn lọ́wọ́.”

Ó fọwọ́ sí i. Ó parí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sọ pé òun ń rò ó. Ó ní òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá ọjọ́. Kò ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ dára, kò tọrọ àforíjì, kò ṣèlérí pé òun máa padà wá. Ọpẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ ọpẹ́ ẹnu lásán. Ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ló dárúkọ, àwọn àgbà nọ́ọ̀sì náà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lè rántí.

Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí n bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ ni? Aláìsàn lè kú níbẹ̀ lóru.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní rárá, má bò ó, ìwé tirẹ̀ ni kí o kọ ọ́ sí. Bí o bá kó o sínú lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, wọ́n á ní ìbínú ẹni tó ń lọ ni, wọ́n á sì pa fáìlì dé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó kọ ìwé mìíràn sí mátírọ́ọ̀nù. Kò sí èébú nínú rẹ̀. Ó kọ òru mẹ́rin pẹ̀lú ọjọ́ wọn, iye aláìsàn, iye nọ́ọ̀sì, àti ohun tó pẹ́ jù. Ní ọ̀kan nínú àwọn òru náà, ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kó wọ̀n fún aláìsàn kan ní aago méjì, aago mẹ́rin ló tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó òru, ọ́fíìsì ìṣirò owó ló kọ tìyẹn sí.

Ní ti lẹ́tà náà, kò kàn lọ gbé e sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi ẹnu sọ fún mátírọ́ọ̀nù, kí ó má baà gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ó tẹ ẹ̀dà méjì, wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n lu sitáǹpù mọ́ èkejì, wọ́n fi ọjọ́ sí i, ó sì mú un wálé. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba lẹ́tà ni oṣù kan ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ọ̀gá tó lè sọ pé òun kò gbà fún un láti lọ.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, òun àti nọ́ọ̀sì tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ti àwọn oògùn líle mọ́. Wọ́n kà á ní ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi wé ìwé àkọsílẹ̀, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, ó tó fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ìgò kan bá dínkù lọ́jọ́ kejì, orúkọ ẹni tó lọ ni wọ́n máa dá. Ó dá yunifọ́ọ̀mù àti káàdì ìdánimọ̀ padà, ó sì gba ìwé pé kò jẹ gbèsè kankan.

Owó òru rẹ̀ wọlé ní oṣù kẹwàá. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tó nílò ẹni tó máa jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀ láti gba ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ kan, mátírọ́ọ̀nù ló kọ ọ́ fún un. Mo tún gbọ́ pé nọ́ọ̀sì méjì ló ń ṣe òru ní wọ́ọ̀dù yẹn báyìí. N kò lè sọ pé ìwé rẹ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n ìwé náà wà níbẹ̀.

Ní tèmi, mo gbà pé lẹ́tà èébú mi náà ṣì wà nínú fáìlì níbì kan. Ojú ìwé mẹ́ta tí ọmọ wa kọ́kọ́ kọ, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ló fi í sí. Mo ní kó máa wà níbẹ̀.