Ta Ni "Wọ́n" Nínú Àdéhùn Ilé?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá ti ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, iṣẹ́ kan wà tí àwọn àgbà ilé yín yóò gbé fún yín láìpẹ́. Wọn á na ìwé àdéhùn kan sí yín, wọn á ní, "Ọmọ mi, bá mi ka ìwé yìí, kí o sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi ní ṣókí." Ìwé náà lè jẹ́ ojú ewé mẹ́rìnlá, kí ohun tí wọ́n fẹ́ má ju ojú ewé kan lọ. Kíkọ ojú ewé kan yẹn kò nira. Ohun tó nira ni kí ẹ mọ̀ dájú pé bí ẹ ti gé ọ̀rọ̀ kúrú, ẹ kò yí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan padà, ẹ kò yí iye owó padà, ẹ kò sì yí ọjọ́ padà.

Ọ̀kan nínú irú àkótán bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ mi ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ní ìlú tí mo ti ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà. Màmá kan ló ni ín. Ó háyà ilé fún ọdún kan, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 2023 títí di ọjọ́ 31 oṣù Keje 2024. Ó fẹ́ kó lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú mìíràn nígbà tí àdéhùn bá parí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló kọ àkótán náà ní Yorùbá, Yorùbá rẹ̀ sì dán mọ́rán. Màmá ní kí n kàn bá òun wò ó bóyá ó péye.

Gbólóhùn kan dá mi dúró: "Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé ní nǹkan bí oṣù méjì kí àdéhùn tó parí."

Mo bi Màmá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni yóò kọ ìwé yìí?"

Ó ní, "Onílé ni. Ṣebí wọ́n ní 'wọ́n.' Mò ń retí lẹ́tà wọn."

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé àdéhùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ní abala yẹn. Ó kàn sọ pé a gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́. Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìní olùwà, nítorí náà ọmọ náà fi "wọ́n" dí àlàfo. Àmọ́ "wọ́n" yìí ní iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́nu wa. Ó lè jẹ́ ènìyàn púpọ̀, ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tí a kò dárúkọ, ó sì lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún. Ẹni kejì tí ọmọ náà ní lọ́kàn kọ́ ni Màmá gbọ́. Ẹni kẹta ló gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e nínú àdéhùn fi hàn gbangba pé ayálégbé tó fẹ́ kúrò ni yóò kọ̀wé, àti pé bí kò bá kọ ọ́, àdéhùn yóò tún ara rẹ̀ ṣe fún ọdún kan sí i. Owó ilé jẹ́ 1,450 dọ́là lóṣù. Ọdún kan sí i jẹ́ 17,400 dọ́là, fún ilé tí Màmá kò ní í gbé.

Ọjọ́ náà tún yí padà. Àdéhùn kò sọ "nǹkan bí oṣù méjì." Ó ní lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ onílé, ó kéré tán, ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ 31 oṣù Keje. Ẹ jẹ́ kí a kà á sẹ́yìn. Ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbé wa dé ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù gbé wa dé ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ ìkẹyìn nìyẹn. Ẹni tó bá gbọ́ "nǹkan bí oṣù méjì" lè fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, ó sì ti pẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà ka ọjọ́. A máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Bí a bá ní "òní ọjọ́ mẹ́jọ," ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pè ní ọjọ́ méje ni. Bí ẹ bá fi ọjọ́ 31 oṣù Keje ṣe ọjọ́ kìíní nínú ọgọ́ta yẹn, ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà ni ẹ óò bá, ẹ ó sì fi ọjọ́ kan pẹ́. Nítorí náà, nínú àkótán, ẹ má kọ iye ọjọ́ nìkan. Ẹ kọ ọjọ́ náà gan-an àti orúkọ oṣù.

Ní ti owó, àkótán náà ní, "Bí owó ilé kò bá wọlé títí ọjọ́ karùn-ún oṣù, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 50 dọ́là." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Àdéhùn ní 50 dọ́là ní ọjọ́ kẹfà, lẹ́yìn náà 10 dọ́là lójoojúmọ́ títí owó yóò fi wọlé. Ẹni tó bá san án ní ọjọ́ kejìlá yóò fi ọjọ́ mẹ́fà kún un, ìyẹn 60 dọ́là, àpapọ̀ ìtanràn yóò sì jẹ́ 110 dọ́là. Ọ̀rọ̀ kan péré, "lójoojúmọ́," ló já bọ́.

Àṣìṣe ti owó yìí kò jọ ti àkọ́kọ́, ọ̀nà tí a fi ń rí wọn kò sì jọra. Láti rí ohun tó yí padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àkótán: ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá abala tó ti wá, kí ẹ kọ nọ́ńbà abala náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí "wọ́n" tàbí "ó," ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ "onílé" tàbí "ayálégbé." Láti rí ohun tó já bọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àdéhùn: ẹ mú bírò, kí ẹ fa òbíríkítí yí gbogbo owó, gbogbo ọjọ́, àti gbogbo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ohun tí Yorùbá ń pè ní "gbọ́dọ̀," "kò gbọdọ̀" àti "lè." Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àkótán. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́. Bí ẹ bá fi "gbọ́dọ̀" sí ibi tí "lè" wà, ẹ ti di ẹrù lé ẹni tí àdéhùn kò di ẹrù lé.

Nígbà mìíràn, ìwé àdéhùn fúnra rẹ̀ kò ní yé yín. Ẹ má bá a tún un ṣe nínú àkótán. Ẹ kọ ọ́ pé, "Abala kẹsàn-án kò yé mi," kí ẹni tó ni ìwé lè bi onílé tàbí lọ́yà. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ni ilé ẹjọ́ yóò kà, kì í ṣe tiyín.

A tún àkótán Màmá kọ. Gbólóhùn yẹn di: "Bí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ̀yin ayálégbé gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ onílé, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2024 (abala 17)." Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́tà Màmá dé ọ̀dọ̀ onílé ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún.