Atọ́kùn Ni Kí Á Kọ́kọ́ Wò: Lórí "y", "en" àti "dont" nínú Ìwé Faransé

Ọ̀rọ̀ kékeré mẹ́ta kan wà nínú èdè Faransé tí wọ́n máa ń kó ìdààmú bá àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń kọ́ ọ: "y", "en" àti "dont". Wọn kò gùn, wọn kò sì ṣòro láti pè. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí á kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba, tàbí kí á kọ àròkọ ìdánwò, ìdí wọn ni gègé pupa olùyẹ̀wò ti máa ń dúró. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè yìí. Ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n ń bá rìn ni kò mọ̀ délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo èdè tiwa. Nínú Yorùbá, wúnrẹ̀n kan ṣoṣo, "tí", ni ó ń so ọ̀rọ̀ orúkọ mọ́ awẹ́ gbólóhùn tí ó ń ṣàpèjúwe rẹ̀. A ń wí pé: ìwé tí mo kà, ìwé tí mo nílò, ìwé tí ẹ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bàbá tí owó oṣù rẹ̀ kò tó. "Tí" kò yí padà nínú ọ̀kankan. Bí ó bá yẹ, a óò fi "rẹ̀" sílẹ̀ sí àyè tí ọ̀rọ̀ orúkọ náà ti kúrò. Faransé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, wúnrẹ̀n tí ó so gbólóhùn pọ̀ ni ó ń yí padà, kò sì gbọdọ̀ sí ohunkóhun tí yóò dúró gẹ́gẹ́ bí "rẹ̀" lẹ́yìn rẹ̀. Ibi méjì ni a ti ń kọsẹ̀ nígbà náà: kí á máa lo "que" níbi gbogbo bí ẹni pé "tí" ni, tàbí kí á lo "dont" kí á sì tún fi nǹkan mìíràn dípò "rẹ̀".

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Kí a tó yan ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ, kí á tú gbólóhùn wa palẹ̀, kí á dá ọ̀rọ̀ orúkọ padà sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe, kí á sì wo atọ́kùn tí ó dúró sí iwájú rẹ̀. Bí kò bá sí atọ́kùn kankan, "que" ni a óò fi so ó, "le", "la" tàbí "les" ni a óò sì fi rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "de" ni ó wà níbẹ̀, "dont" ni a óò fi so ó, "en" ni yóò rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "à", "auquel" tàbí "à laquelle" ni a óò fi so ó, "y" ni yóò sì rọ́pò rẹ̀ bí ó bá jẹ́ nǹkan, kì í ṣe ènìyàn. Atọ́kùn ni olùdarí. Arọ́pò orúkọ kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí àlá, ẹ jẹ́ kí á yẹ lẹ́tà kan wò. Ọmọbìnrin kan láti agbègbè Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba, ni ó kọ ọ́ láti fi tọrọ owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Ó gbé e wá fún mi kí ó tó fi ránṣẹ́, ó sì gbà kí n lò ó fún ẹ̀kọ́. Ọmọ náà mọ̀wé. Àwọn ohun tí ó fẹ́ sọ ṣe kedere. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ka lẹ́tà náà kò mọ̀ ọ́n rí. Ìwé yẹn nìkan ni yóò fi mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́. Ohun tí ó kọ nìyí:

"Je vous écris au sujet de la bourse que mon professeur m'a parlé. J'ai réussi au concours que j'ai participé l'année dernière. Mon père, dont son salaire est modeste, ne peut pas payer les livres que j'ai besoin. C'est de cette aide dont dépend la suite de mes études."

A bẹ̀rẹ̀ sí í tú u palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé, "Báwo ni o ṣe máa sọ pé olùkọ́ rẹ sọ̀rọ̀ nípa owó náà?" Ó dáhùn pé, "Mon professeur m'a parlé de la bourse, sà." Ó gbọ́ "de" náà lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì fi gègé pa "que" rẹ́, ó kọ "dont". Bẹ́ẹ̀ náà ni "avoir besoin de": nítorí pé "nílò" kò ní atọ́kùn nínú Yorùbá, ọkàn wa ń lọ sọ́dọ̀ "que", ṣùgbọ́n Faransé ń béèrè "de", nítorí náà, "les livres dont j'ai besoin" ni ó tọ́. "Participer" ní tirẹ̀ ń fẹ́ "à". A ń "kópa nínú" ìdíje lédè tiwa, èyí sì ń mú kí àwọn ọmọ kan kọ "participer dans". "À" ni ó yẹ kó jẹ́, nípa bẹ́ẹ̀ a ní "le concours auquel j'ai participé". Ẹ kíyèsí i pé "auquel" ń bá ọ̀rọ̀ orúkọ mu: "à laquelle" fún abo, "auxquels" àti "auxquelles" fún ọ̀pọ̀. "Dont" kì í yí padà rárá.

Gbólóhùn nípa bàbá rẹ̀ ni ó fi "rẹ̀" wa hàn jù. "Bàbá mi, tí owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀" ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì kọ "dont son salaire". Ṣùgbọ́n "dont" ti gbé "ti bàbá mi" rù tẹ́lẹ̀. "Son" tún gbé ẹrù kan náà. "Dont le salaire" ni ó tọ́. Àṣìṣe tí ó wà nínú gbólóhùn ìkẹyìn jẹ́ ìbátan èyí. "De" ti jáde ní iwájú nínú "c'est de cette aide", "dont" sì tún gbé "de" mìíràn wọlé. Kí á yan ọ̀kan: "c'est de cette aide que dépend la suite de mes études", tàbí "c'est cette aide dont dépend la suite de mes études". Àwọn tí wọ́n gbọ́ Faransé láti kékeré pàápàá máa ń ṣe àṣìṣe yìí nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ má gbára lé etí rẹ̀ nìkan.

Ìparí lẹ́tà náà ni "y" àti "en" ti wúlò. Ó kọ pé òun ní ìwé ẹ̀rí, "et je joins une copie de ça". "Ça" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, kò yẹ lẹ́tà bẹ́ẹ̀. "Une copie de ce certificat" ní "de" nínú, nítorí náà: "et j'en joins une copie". Ó sì fẹ́ sọ pé bí wọ́n bá pe òun fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun yóò lọ. "Se présenter à un entretien" ni ọ̀rọ̀ ìṣe náà, nítorí náà "je m'y présenterai". Ìwọ̀nyí kúrú, wọ́n sì ṣe déédéé. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan náà kúrò nínú àsọtúnsọ.

Ààlà wà fún òfin yìí, ó sì yẹ kí á mọ̀ ọ́n. Èkíní, ènìyàn yàtọ̀ sí nǹkan. Bí mo bá fèsì sí lẹ́tà, "j'y ai répondu". Bí mo bá fèsì sí ọ̀gá, "je lui ai répondu". Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe kan, bíi "penser", kì í gba "lui" síwájú; a óò wí pé "je pense à lui" fún ènìyàn, "j'y pense" fún ọ̀rọ̀ tàbí iṣẹ́. Bákan náà, nínú ìwé tí a kọ dáadáa, "je me souviens de lui" ni a ń lò fún ènìyàn, "je m'en souviens" fún nǹkan.

Èkejì, "dont" kì í bá atọ́kùn mìíràn gbé. Bí "de" náà bá wà nínú àpólà tí atọ́kùn mìíràn ti ṣáájú, a óò lo "duquel" tàbí "de laquelle": "l'association avec l'aide de laquelle j'étudie". Bẹ́ẹ̀ sì ni fún ibi tí ènìyàn ti wá: "la ville d'où je viens" ni a ń kọ, ṣùgbọ́n fún ìdílé, "la famille dont je suis issue".

Ẹ̀kẹta ni ó ń tan àwọn tí wọ́n ti gòkè pàápàá: ọ̀rọ̀ ìṣe méjì lè jọ ara wọn ní ìtumọ̀ kí atọ́kùn wọn má bára mu. "Se souvenir" ń fẹ́ "de", ṣùgbọ́n "se rappeler" kò fẹ́ atọ́kùn nínú Faransé àkọsílẹ̀. Nítorí náà a ní "le jour dont je me souviens", ṣùgbọ́n "le jour que je me rappelle". "Pallier" náà kò fẹ́ "à", bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń fi í sí i: "pallier une difficulté" ni, "pour la pallier" ni, kì í ṣe "pour y pallier". Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo sì lè ní ọ̀nà mẹ́ta, kí ìtumọ̀ rẹ̀ sì máa yí padà pẹ̀lú atọ́kùn. Ẹ wo "manquer": "le car que j'ai manqué" ni ọkọ̀ tí ó lọ kí n tó dé, "la promesse à laquelle j'ai manqué" ni ìlérí tí n kò mú ṣẹ, "l'argent dont je manque" ni owó tí n kò ní. Ẹni tí ó bá kọ́ "manquer" láìkọ́ atọ́kùn rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó kọ́.

Nítorí èyí, n kì í jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ọ̀rọ̀ ìṣe Faransé sínú ìwé wọn ní ìhòòhò mọ́. Wọn kì í kọ "dépendre"; "dépendre de quelque chose" ni wọ́n ń kọ. Wọn kì í kọ "renoncer". "Renoncer à quelque chose" ni. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kọ gbólóhùn kúkúrú méjì, ọ̀kan pẹ̀lú "y" tàbí "en", ọ̀kan pẹ̀lú "dont" tàbí "auquel": "j'en dépends", "l'aide dont je dépends", "j'y renonce", "le projet auquel je renonce". Ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀ tó. Bí wọ́n bá sì parí lẹ́tà kan, wọn yóò tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i fún "que" nìkan, wọn yóò máa dúró ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó ń so ọ̀rọ̀ orúkọ mọ́ awẹ́ gbólóhùn, wọn yóò sì dá ọ̀rọ̀ orúkọ padà sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí atọ́kùn kan bá yọjú níbẹ̀, "que" náà kò tọ́.