Ta Ló Jẹ Gbèsè Iṣẹ́ Tí Aláìsàn Kò Lè Ṣe?

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ní ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́ lóko. Ọ̀kan ni ọ̀wẹ̀: ẹni tó ní iṣẹ́ ńlá yóò bẹ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna, yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò títí iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò fi parí. Èkejì ni àáró. Nínú àáró, ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò kóra jọ, wọn yóò roko ẹni kìíní lónìí, wọn yóò ro ti ẹni kejì lọ́la, títí tí yóò fi kárí. Kíkà ló mú àáró dúró. Gbogbo wọn mọ iye ọjọ́ tí oníkálukú ti ṣe àti iye tó ṣẹ́kù, ẹni tí kò bá lè wá sì mọ̀ pé òun jẹ ọjọ́ kan.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama aládàáni kan ní Ẹdúnàbọ̀n, nítòsí Ilé-Ifẹ̀. Èmi ni igbákejì ọ̀gá àgbà, èmi ni mo sì ń to àkókò iṣẹ́ olùkọ́ mẹ́wàá tí a jẹ́. Nígbà tí àìsàn gbé ọ̀kan nínú wa dálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀rọ̀ àáró ni mo kọ́kọ́ rántí, nítorí ó jọ ohun tí a nílò. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àáró àti iṣẹ́ oṣù ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ti ń ṣìnà.

Ìṣirò ni obìnrin náà ń kọ́ni. Kíláàsì mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, píríọ́dù márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Ohun tí a kọ́kọ́ rí kò jọ àìsàn. Ìwé àwọn ọmọ tó máa ń dá padà láàárín ọjọ́ méjì wá ń pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dẹ́kun jíjẹun pẹ̀lú wa nígbà ìsinmi, ó ń jókòó sí kíláàsì òfìfo. Ẹni tí kì í pẹ́ dé rí wá ń pẹ́ ní òwúrọ̀, ojú rẹ̀ a sì dà bí ẹni tí kò sùn. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ti sú u.

Àwọn dókítà kì í fi ọjọ́ kan tàbí méjì pe ìrẹ̀wẹ̀sì ní àìsàn. Wọ́n ń wò ó bóyá ìbànújẹ́ náà, tàbí àìnífẹ̀ẹ́ sí ohun tó ń wu ènìyàn tẹ́lẹ̀, ti wà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, lójoojúmọ́, tí àwọn àmì mìíràn sì tẹ̀ lé e: àìsùn tàbí oorun àsùnjù, àìlèjẹun, àárẹ̀, àìlèfọkànsíṣẹ́, dídá ara ẹni lẹ́bi, àti èrò ikú. Kì í ṣe iṣẹ́ alábàáṣiṣẹ́ láti fún un lórúkọ. Ohun tó tọ́ sí wa ni láti sọ ohun tí ojú wa rí, ní kọ̀rọ̀, láìdá ẹjọ́. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́, mo ní, "Àǹtí, mo rí i pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ kì í bá wa jẹun mọ́, ìwé àwọn ọmọ sì ń pẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rù yín ń bà mí. Ṣé ẹ ń sùn?" Ìbéèrè oorun yẹn ló la ọ̀nà. Ènìyàn a máa lè jẹ́wọ́ pé òun kò sùn kó tó lè sọ pé inú òun bàjẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, àbúrò rẹ̀ bá a lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì kọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fún un.

Bí ó bá jẹ́ pé ó sọ pé kò wu òun láti wà láàyè mọ́, a kì bá tí dúró de ọjọ́ kẹta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọjọ́ náà gan-an ni a ń mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìwé dókítà ti wọlé, píríọ́dù 20 sì wà nílẹ̀. Àṣà ibi iṣẹ́ púpọ̀ ni kí ọ̀gá sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e." Gbólóhùn yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n kò ní ìwọ̀n, kò sì ní ọjọ́ ìparí. Ẹni tó láàánú jù ni yóò gbé èyí tó pọ̀ jù, yóò sì dákẹ́ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí aláìsàn tó ń ràn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó pọ̀ sí i nìkan kì í sábà tú ẹgbẹ́ ká. Iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó ń kà á ló ń tú u ká.

Nítorí náà, kí a tó pín iṣẹ́, a kọ́kọ́ gé e. A dín píríọ́dù kíláàsì kọ̀ọ̀kan kù láti márùn-ún sí mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, a sì sọ ìdánwò kékeré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ di ti ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Píríọ́dù 20 di 16. Olùkọ́ físíìsì gba kíláàsì méjì, èyí jẹ́ píríọ́dù 8. Olùkọ́ kẹ́mísírì àti olùkọ́ ètò ọrọ̀ ajé gba kíláàsì kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin-mẹ́rin. Kò sí kíláàsì tí a fi ẹni méjì sí, nítorí iṣẹ́ tí ẹni méjì bá ń pín ni àwọn ọmọ máa ń pàdánù láàárín wọn. Ìwé tí a óò yẹ̀ wò ni a kà lọ́tọ̀, torí ẹrù tí ojú kò rí nìyẹn: ọmọ bí 30 ló wà ní kíláàsì kan, ẹni tó bá sì gba kíláàsì méjì ti gba ìwé 60 nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi yọ olùkọ́ físíìsì kúrò nínú iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà àti ti orí pápá. A kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri yàrá olùkọ́: orúkọ ẹni tó ń ṣe é, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò parí.

Títí dé ibí, àáró ni. Ìyàtọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a béèrè ẹni tó jẹ gbèsè. Lọ́sẹ̀ mẹ́fà, olùkọ́ físíìsì ti ṣe píríọ́dù 48 lé tirẹ̀, àwọn méjì yòókù ti ṣe 24 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú àáró, ẹni tí kò wá ni yóò san án. Bí a bá fi òfin yẹn lo ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, àìsàn rẹ̀ ni à ń bọ́. Ọ̀kan lára àmì rẹ̀ gan-an ni pé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó gbà pé ẹrù ni òun jẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá padà síbi iṣẹ́ wá bá gbèsè píríọ́dù 96 yóò gbà pé òótọ́ ni. Oko àáró kò ní ọ̀gá, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ní olówó tó gbà wá síṣẹ́. Òun ni gbèsè náà wà lọ́rùn rẹ̀. Mo gbé ìwé ògiri náà lọ bá ọ̀gá àgbà, wọ́n sì gbà láti san owó díẹ̀ lórí píríọ́dù kọ̀ọ̀kan tí a ṣe lé. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé gbèsè kúrò lórí aláìsàn.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí òfin dé. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún kan, pẹ̀lú owó, fún àìsàn tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá fọwọ́ sí. Àwọn tó ń fi agbára tàbí àkọ̀wé ṣiṣẹ́ ni òfin yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn amọ̀ṣẹ́dunjú kò sí nínú rẹ̀. Olùkọ́ níláti wo lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó kí àìsàn tó dé, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ju ọjọ́ 12 lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn yòókù náà ní ìwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló yan gbólóhùn náà: "Ara mi kò yá, dókítà ń tọ́jú mi, mo ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." A kò fi ohunkóhun kún un. Ẹni méjì péré ló ń bẹ̀ ẹ́ wò, wọn kì í pẹ́, wọn kì í sì bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Ìpadàbọ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí ojú ti tú yẹ́rí, àwọn ènìyàn sì rò pé àìsàn ti tán. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí agbára rẹ̀ tó hàn, dókítà sì máa ń ní kí a máa lò ó fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn tí ara bá ti yá. Láti ìgbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ni àwọn ará ilé wa ti mọ̀ pé iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín ènìyàn lè jẹ́ ara ìtọ́jú. Ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn ní àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ bí agbára wọn ti mọ, bí ìtọ́jú ti ń lọ.

Kíláàsì kan la kọ́kọ́ dá padà fún un, píríọ́dù mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, torí òwúrọ̀ ló nira fún un jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó gba èkejì. Ìwé yíyẹ̀wò ló gbẹ̀yìn. Nígbà tó di kíláàsì kẹta, ìwé àwọn ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. A mọ àmì náà, a dá kíláàsì kan padà fún olùkọ́ kẹ́mísírì fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, a kọ ọ́ sára ògiri, ọ̀gá àgbà sì san owó rẹ̀. Ní sáà kejì, ó gba kíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Olùkọ́ físíìsì ló yọ ìwé náà kúrò lára ògiri, ó sì tún padà sí iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà.