Ẹja Lójú Títì Houston

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, òjò ìjì Harvey rọ̀ ní Houston títí omi fi bo ojú títì. Àwọn èèyàn wa pọ̀ nílùú náà, kò sì pẹ́ tí fọ́tò kan fi dé orí fóònù wa nílé: ẹja àkurákudà kan ń lúwẹ̀ẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lójú títì. Kíá ni wọ́n ti ń jiyàn bóyá irú ẹja bẹ́ẹ̀ lè bá omíyalé wọ ìlú. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ṣìnà. Àwọn tí Ògùnpa ya wọlé wọn n'Íbàdàn ní 1980 kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí omi lè gbé wá. Ohun tó yẹ kí a bèèrè ni ìgbà tí fọ́tò náà kọ́kọ́ jáde.

Ẹni tó bá gbé fọ́tò sínú TinEye lè tẹ `Oldest`, kó rí ẹ̀dà tó pẹ́ jù lọ tí ẹ̀rọ náà mọ̀. Ní ti ẹja yìí, wọ́n ti ń pín in kiri láti 2011, lẹ́yìn ìjì Irene, Puerto Rico sì ni wọ́n pè é nígbà náà. Fọ́tò kì í ṣáájú omi tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà Houston ti bọ́ síta. Puerto Rico náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá yọ títì kúrò tí a wá ẹja náà nìkan, a ó bá a nínú fọ́tò tí Thomas Peschak yà lójú òkun South Africa, tí ìwé ìròyìn Africa Geographic gbé jáde ní 2005. Níbẹ̀, ọkùnrin kan jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́, ó bojú wẹ̀yìn, ẹja náà sì ń tọ̀ ọ́ bọ̀. Ẹnìkan ló gé e níbẹ̀ lẹ̀ mọ́ ojú títì.

Ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ẹ̀dà àtijọ́, ìyẹn kò sọ fọ́tò di òótọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò tíì bá a pàdé ni. WhatsApp pàápàá máa ń bọ́ ọjọ́ àti ibi tí fóònù kọ sára fọ́tò dànù, ẹ̀dà tó dé ọwọ́ wa kò sì lè jẹ́rìí kankan.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjì Ian jà ní Florida, fídíò ẹja ńlá kan nínú àgbàlá tí omi bò ní Fort Myers sì gbòde kan. Àwọn tó rántí ẹja Houston fi rẹ́rìn-ín. Àwọn oníròyìn Associated Press kò bá wọn dá sí ti ẹja. Wọ́n wá ọkùnrin tó ya fídíò náà kàn, ó ní láti ẹ̀yìnkùlé òun lòun ti yà á, wọ́n sì yẹ ojúlówó fídíò náà wò. Aago tí fóònù kọ sínú rẹ̀ bá àárọ̀ ọjọ́ tí ìjì náà jà mu. Nígbà tí wọ́n wá bi àwọn onímọ̀ ẹja léèrè, ọ̀kan ní ó jọ ọmọ àkurákudà, òmíràn ní ó ṣòroó sọ.