Pa Nóòtù Dé Ná

Kíka nóòtù ní àkàtúnkà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ mọ̀ sí àtúnyẹ̀wò. Ó gbayì nítorí pé ó rọrùn: bí ọmọ bá ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ ti mọ́ ọn lójú, ó sì gbà pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan mọ́ni lójú, ọ̀tọ̀ ni kí a lè sọ ọ́ nígbà tí ìwé kò sí níwájú. Lọ́dún 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tó fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí, tẹ ìwé jáde tó fi hàn pé kíá ni a ń gbàgbé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, àti pé ẹ̀kọ́ tí a pín sí ọjọ́ mélòó kan sàn ju èyí tí a rọ́ mọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lọ.

Ẹ̀rí tó yé mi jù ni ti Roediger àti Karpicke, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2006. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìgbà mẹ́rin ka àyọkà kan. Àwọn mìíràn kà á nígbà kan, wọ́n sì fi ìgbà mẹ́ta tó kù kọ ohun tí wọ́n rántí sórí ìwé òfìfo. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń kà á ṣáá ló borí, ìpín 83 sí 71 nínú 100. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tiwọn já sí 40, ti àwọn yòókù sì jẹ́ 61. Ìdí nìyí tí kíkàwé mọ́jú fi ń tan ọmọ jẹ: ó ṣiṣẹ́ fún àárọ̀ ọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ nípa bí ewé ṣe ń ṣe oúnjẹ ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ọmọ lè ṣe dípò àkàtúnkà. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀kọ́, ọmọ á pa nóòtù dé, á kọ ohun tó rántí: omi, oòrùn, ṣúgà. Nígbà tó bá ṣí i, á rí i pé òun fo kábọ́nì-dáyọ́ksáìdì, á fi báírò pupa kọ ọ́ sí i. Á tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Ohun tó bá ń padà wá ní pupa ni kó gbájú mọ́.

Àwọn kan ní àkọ́sórí lásán nìyí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ bí ìbéèrè kò bá yí padà. Bí ìdáhùn ọmọ bá ń tẹ̀lé nóòtù lẹ́sẹẹsẹ, mo máa ń fura. Ẹ bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé ewé náà sínú òkùnkùn. Àwọn mìíràn ní ọmọ tí kò rántí nǹkan kan á kàn rẹ̀wẹ̀sì. Òótọ́ ni: ẹni tí ẹ̀kọ́ kò yé níbẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tó máa rántí. Olùkọ́ ní láti tún un kọ́ ọ kó tó ní kó pa nóòtù dé.