Owó Oúnjẹ Ìṣínu: Ìyàtọ̀ Láàárín Pínpín-sí-Méjì àti Àjọjèrè

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní dúnàádúrà. Ọlọ́jà pe mẹ́wàá, oníbàárà fi mẹ́rin bẹ̀ ẹ́, wọ́n ṣe é títí wọ́n fi pàdé ní méje, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Bí ọjà náà bá jẹ́ ẹní kan ṣoṣo, tí a rà lọ́wọ́ ẹni tí a kò tún ní rí mọ́, n kò rí àléébù nínú àṣà yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùtajà bá jẹ́ ẹni tí a óò máa bá ṣe ọjà lọ́sẹ̀ mẹ́rin gbáko, tí ọjà náà sì jẹ́ oúnjẹ tí aláàwẹ̀ fẹ́ fi ṣínu, àtipàdé láàárín lè jẹ́ àdánù fún tọ̀tún-tòsì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbìmọ̀ wa àti alásè kan nípa oúnjẹ ìṣínu ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀.

Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Parker Follett, ti ya ọ̀nà wọ̀nyí sọ́tọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1925. Ó ní bí ènìyàn méjì kò bá fẹ́ ohun kan náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: kí ọ̀kan borí èkejì, kí àwọn méjèèjì dín nínú ohun tí wọ́n ń fẹ́, tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà tí ìfẹ́ àwọn méjèèjì yóò fi ṣẹ láìgé e kù. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò le. Nínú iyàrá kékeré kan ní ibi ìkàwé Yunifásítì Harvard, ẹnìkan fẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, òun sì fẹ́ ẹ ní títì. Fèrèsé iyàrá kejì, tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ni wọ́n ṣí. Afẹ́fẹ́ tútù ni ẹni yẹn ń fẹ́. Òun ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí atẹ́gùn àríwá máa fẹ́ lu òun tààrà. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé náà dé ìdajì, kò sí ẹni tí inú rẹ̀ ìbá dùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á wá sórí oúnjẹ. Ní alẹ́ Jímọ̀, Sátidé àti Àìkú nínú Rámádáánì, ẹgbẹ́ wa máa ń bọ́ nǹkan bí 150 ènìyàn. Alẹ́ 12 nìyẹn, abọ́ 1,800. Àlhájà tó ń sè fún wa gba £5 lórí abọ́ kan lọ́dún tó kọjá. Lọ́dún yìí ó kọ̀wé pé £6.50 ni. Ìyẹn gbé owó náà kúrò ní £9,000 lọ sí £11,700, nígbà tó jẹ́ pé £9,300 ni akápò rí kó jọ. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí á fi £5.75 bẹ̀ ẹ́, torí pé àárín gan-an nìyẹn. Wọ́n ní kí n bá wọn jókòó níbi ìpàdé náà, bóyá nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Mo bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má tíì pe £5.75. Ìdí mi kìíní ni pé ẹni tó bá ti mọ̀ pé àárín ni a óò pín in sí yóò ti bu owó lé ọjà rẹ̀ kó tó pè é. Lọ́dún tó ń bọ̀, £8 ni a óò gbọ́. Ìdí kejì ló wúwo jù. Bí £5.75 kò bá tó alásè, kò ní í bá wa jà mọ́, inú ìkòkò ni yóò ti gbẹ̀san. Ẹran yóò kéré, ìrẹsì yóò sì pọ̀. Ohun tí a rò pé a rí gbà padà lórí owó ti bá ibòmíràn lọ.

Kí á tó lọ bá a, akápò béèrè iye tí àwọn alásè méjì mìíràn ń gbà. Ọ̀kan pe £6.10, kò sì ní í gbé e wá. Èkejì kò láyè ní Sátidé. Ó yẹ kí ènìyàn mọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kó tó jókòó, nítorí òun ló ń sọ ibi tí a ti lè dìde kúrò nídìí ọ̀rọ̀. A rí i pé bí Àlhájà bá dúró lórí £6.10, tí ó sì ń gbé oúnjẹ wá fúnra rẹ̀, ó ṣì sàn ju ti ẹni yẹn lọ. A kò halẹ̀ mọ́ ọn, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni fún un.

Ìbéèrè tí mo bi í kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ní, “Àlhájà, ẹ jọ̀wọ́, nínú £6.50 yìí, èwo ló ń dùn yín jù?” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ààfáà, kì í ṣe ẹran. Ìdúró ni.” Ó ní awakọ̀ òun máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí fún wákàtí kan kí àwa tó já oúnjẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó mú ìwé kan jáde nínú báàgì, ó kà á fún wa: ẹran, ìrẹsì, epo àti èròjà jẹ́ £3.10, ike tí wọ́n ń di oúnjẹ sí, 35 pẹ́nsì, àwọn tó ń dì í, 40, ọkọ̀ àti ìdúró, 50. Ó bu 60 pẹ́nsì sí i nítorí pé kò mọ iye wa rí. A ó sọ pé 150, 110 yóò wá; lọ́jọ́ mìíràn 190 yóò dé, a ó sì máa pè é ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Pẹ́nsì 15 ni ti alápatà tó ń ta ẹran fún un láwìn, torí pé lẹ́yìn oṣù ni àwa ń sanwó. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ £5.10. £1.40 tó kù ni yóò fi san gáàsì àti owó ilé ìdáná, kó tó kan èrè tirẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ohun tó mú owó náà ga, £2 jẹ́ ohun tí àwa fúnra wa ń fà tàbí tí a kò nílò. A ní àwọn ọ̀dọ́ tó lè bu oúnjẹ. Ará wa kan ní ọkọ̀ ńlá. Kò sí ẹni tó béèrè ike rí. Àṣà lásán ni. Nígbà tó jẹ́ pé £6.50 nìkan ló wà lórí tábìlì, kò sí bí a ṣe lè mọ èyí.

Ṣé kí á kàn gba ìwé rẹ̀ gbọ́? Rárá o. Ẹni tó bá ń wá àjọjèrè gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí elòmíràn lè fi ìdí lásán bo ojúkòkòrò. Akápò béèrè iye tí páálí adìẹ àti àpò ìrẹsì jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lósùnwọ̀n, ó sì bá ti Àlhájà mu. Ohun mìíràn tún wà tí a fi ń dá irú wọn mọ̀: bí o bá mú ìdí kan kúrò, tí iye náà kò yí padà, tí ìdí tuntun sì dìde, owó nìkan ni ẹni yẹn ń wá. Nígbà tí a ní a ó máa fúnra wa wá gbé oúnjẹ, Àlhájà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé, “50 pẹ́nsì ti kúrò nìyẹn.”

Báyìí ni àdéhùn náà ṣe rí. Kúlà ńláńlá ni oúnjẹ yóò wà, ọkọ̀ tiwa ni yóò gbé e, àwọn ọ̀dọ́ ni yóò bù ú. Ní alẹ́ Ọjọ́rú ni a ó sọ iye ènìyàn, a kò sì ní í yí i padà. 60 pẹ́nsì wá di 15. Ní Ọjọ́rú náà ni a ó san owó ọ̀sẹ̀ yẹn pátá. Fún èyí, ìlànà ọjà sálámù tí a mọ̀ láti Mẹ̀dínà ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe: owó ṣáájú, iye mímọ̀, irú ọjà mímọ̀, àkókò mímọ̀. Owó tí Àlhájà ń ná lórí abọ́ kan wálẹ̀ sí £3.25. A padà sí £5, ó sì ku £1.75 sí i lọ́wọ́, ó ju £1.40 tí ìbá kù fún un nínú £6.50 tó pè lọ. Ní tiwa, £9,000 ni, pẹ̀lú £180 fún abọ́ àti £72 fún epo ọkọ̀. Bí a bá pín in sí méjì ní £5.75, àwa ìbá san £10,350, pẹ́nsì 65 péré ni ìbá sì kù sí i lọ́wọ́.

Kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà yìí kò ní ìnira tirẹ̀. Bí a ti gba oúnjẹ sínú ọkọ̀ tiwa, ọwọ́ wa ni ewu rẹ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ fíkì ti sọ nípa ọjà tí olùrà ti gbà sọ́wọ́. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì béèrè pé kí oúnjẹ gbígbóná má tutù ju ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ kí a tó bù ú. A ní láti ra ohun èlò tí a fi ń wọn ìgbóná, kí á sì yan ẹni tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí kúlà bá kúrò lọ́dọ̀ alásè àti nígbà tó bá dé. Bí ó bá tutù lójú ọ̀nà, a kò lè pe Àlhájà lẹ́jọ́. Bí kò bá tíì ṣetán ní wákàtí kan ṣáájú ìwọ̀-oòrùn, òun ni yóò dá owó alẹ́ náà padà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí a kò rí ojútùú rẹ̀, iye abọ́ tó kéré jù tí a gbọ́dọ̀ san. Àlhájà ní 140, akápò ní 120. A béèrè ìdí, ìdí àwọn méjèèjì kò ju owó lọ: òun kò fẹ́ pàdánù, àwa náà kò fẹ́. Níbẹ̀, kò sí fèrèsé mìíràn láti ṣí, mo sì ní kí wọ́n pín in sí méjì. 130 ni wọ́n kọ sínú ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òǹkà Ọjọ́rú fi hàn pé ènìyàn 118 ni yóò wá ní alẹ́ Àìkú. A san owó 130, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ń gbé nítòsí mọ́ṣáláṣí sì gbé abọ́ 12 tó ṣẹ́kù lọ sílé láti fi ṣe sààrì.